Bí ẹ̀rù ò bá lọ, kí ni kí n ṣe?

Ìbéèrè: Ẹ̀rù máa ń bà mí láti sọ̀rọ̀ ní ìpàdé ibi iṣẹ́. Báwo ni mo ṣe lè lo ohun tí mo kà sí pàtàkì, bí ìtọ́jú ìtẹ́wọ́gbà àti ìfarajìn, ìyẹn ìtọ́jú ọkàn tó ní ká gba ẹ̀rù láyè ká sì máa ṣe ohun tá a kà sí pàtàkì, ṣe ń kọ́ni?

Ẹ má fi "kí ẹ̀rù má bà mí mọ́" ṣe àfojúsùn. Òkú náà kì í bẹ̀rù, ohun tí òkú sì lè ṣe jù yín lọ kò lè darí ìgbé ayé yín. Ẹ bi ara yín pé: bí ẹ̀rù yìí bá tiẹ̀ jókòó tì mí, irú ẹni wo ni mo fẹ́ jẹ́ sí àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́? Ká ní ẹ dáhùn pé "ẹni tó ń sòótọ́". Ìyẹn kì í tán bí ìgbéga ṣe ń tán téèyàn bá ti rí i gbà. Ọ̀nà téèyàn ń tọ̀ ni.

Ẹ wá sọ ọ́ di ìṣe kékeré kan: ní ìpàdé ọjọ́ Ajé, láàárín ìṣẹ́jú 10 àkọ́kọ́, màá béèrè ohun tó ń fa iṣẹ́ wa sẹ́yìn. Bí àyà bá ń já, ẹ sọ ọ́ nínú ọkàn pé, "Èrò kan ń sọ fún mi pé wọ́n máa fi mí rẹ́rìn-ín." Ẹ má bá a jiyàn. Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀, kí ẹ sì béèrè.

Ibi tó ti sábà ń bà jẹ́ nìyí: èèyàn á sọ̀rọ̀ tán, á wá máa wò ó bóyá ẹ̀rù ti dín kù. Bí kò bá dín, á ní kò ṣiṣẹ́. Ohun tó yẹ kí ẹ wò ni bóyá ẹ béèrè. Bí ẹ ò bá lè béèrè, ẹ gé ìṣe náà kúrú: ẹ bi ẹnì kan péré lẹ́yìn ìpàdé.