Olóyè, pròfẹ́sọ̀, ẹnjiníà: èwo ló máa ṣíwájú nínú "Dear"?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ wa ní yunifásítì, mo fẹ́ kọ lẹ́tà sí bàbá kan pé kí wọ́n wá ṣe alága ètò wa. Olóyè ni wọ́n, pròfẹ́sọ̀ ni wọ́n, ẹnjiníà sì ni wọ́n, wọ́n tún ní PhD. Èwo ni kí n kọ́kọ́ kọ, ibo ni dọ́ọ̀tì àti kọ́mà máa wà?

Ìdáhùn: Ibi méjì ni orúkọ bàbá yẹn ti máa jáde nínú lẹ́tà ẹ, ohun tó sì máa ń kó bá àwọn èèyàn ni pé bákan náà ni wọ́n ń ṣe méjèèjì. Àkọ́kọ́ ni àdírẹ́sì tó wà lókè lẹ́tà àti lórí ẹnfilóòpù, ibẹ̀ lo ti máa to oyè wọn jọ. Ìkejì ni ìkíni, ìyẹn "Dear" yẹn, oyè kan ṣoṣo ti tó níbẹ̀.

Ká sọ pé Tàmẹ̀dò Làgbájá ni orúkọ wọn. Lórí àdírẹ́sì, oyè ìlú ni kó o kọ́kọ́ kọ, kí ti yunifásítì tẹ̀ lé e, kí ti iṣẹ́ wá gbẹ̀yìn, báyìí:

Chief Prof. Engr. Tàmẹ̀dò Làgbájá, FNSE

Wò ó dáadáa o. Kò sí dọ́ọ̀tì lẹ́yìn Chief torí pé odidi ọ̀rọ̀ ni, a ò gé nǹkan kan kúrò lára ẹ̀, àmọ́ mo máa ń rí "Chief." lórí káàdì ìpè lóríṣiríṣi, kò dáa rárá. Prof. àti Engr. la gé kúrú, ìyẹn ni wọ́n ṣe ní dọ́ọ̀tì. Má fi kọ́mà sáàárín àwọn oyè yẹn, torí tó o bá kọ "Chief, Prof. Làgbájá" ẹni tó ń kà á máa rò pé èèyàn méjì lò ń kọ̀wé sí. Ẹ̀yìn orúkọ ni kọ́mà máa wà, kó tó kan FNSE, ìyẹn tí wọ́n bá jẹ́ fẹ́lò ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà Nàìjíríà lóòótọ́, tí wọn ò bá jẹ́ ẹ, yọ ọ́ kúrò pẹ̀lú kọ́mà ẹ̀.

O máa rí i pé mi ò kọ Dr. síbẹ̀. Ẹni tó bá ti di pròfẹ́sọ̀, a kì í tún pè é ní dókítà mọ́ lójú ìwé. Tí kì í bá ṣe pròfẹ́sọ̀, yálà kó o kọ Dr. síwájú tàbí PhD sẹ́yìn, má kọ méjèèjì, ohun kan náà lo sọ lẹ́ẹ̀mejì yẹn. Ní ti Engr., àwọn tó ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ COREN, ìyẹn àjọ tó ń bójú tó iṣẹ́ ẹnjiníà ní Nàìjíríà, ló ni ín, kì í ṣe gbogbo ẹni tó ka ẹnjiníà jáde. Àwọn míì nínú wọn máa ń fi í ṣíwájú, wọ́n á kọ "Engr. Prof.", tó o bá rí i bẹ́ẹ̀ lórí lẹ́tà tàbí káàdì tiwọn, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ ni kó o kọ ọ́, má bá wọn tún un ṣe.

Ó wá ku ìkíni. Ohun tó gbé ẹ dé ọ̀dọ̀ wọn ló máa sọ oyè tí wàá mú. Ètò yunifásítì lò ń ṣe, torí náà:

Dear Professor Làgbájá,

Tó bá jẹ́ pé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ló ń pè wọ́n ni, "Dear Chief Làgbájá," ló máa jẹ́. Orúkọ bàbá wọn lo máa lò o, "Dear Prof. Tàmẹ̀dò" yẹn, àfojúdi ni nínú lẹ́tà ọ́fíìsì. Mo fara mọ́ kó o kọ Professor tán pátápátá níbẹ̀, ó níyì ju kó o gé e lọ, kò sì ní nílò dọ́ọ̀tì. Kọ́mà á wà lẹ́yìn Làgbájá, ní ìparí lẹ́tà wàá kọ "Yours sincerely," torí o ti dárúkọ wọn, "Yours faithfully," wà fún "Dear Sir,". S àti f yẹn, kékeré ni o.

Ọ̀rọ̀ dọ́ọ̀tì Dr, ọ̀nà méjì ló wà. Àwọn òyìnbó ìlú ọba kì í fi dọ́ọ̀tì síbẹ̀ torí pé lẹ́tà tó parí ọ̀rọ̀ náà ṣì wà níbẹ̀, àwọn ará Amẹ́ríkà máa ń fi sí i. Èyí tó bá wù ẹ́ ni kó o mú, àmọ́ kó má lọ jẹ́ Dr. lókè, Dr nísàlẹ̀.

Tí orúkọ obìnrin bá wà lára àwọn tó o fẹ́ pè, o lè rí "Chief (Dr.) (Mrs.)" lórí káàdì wọn, kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sórí àdírẹ́sì, kó o rí i pé bráákẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan ṣí, ó sì tì, kí àlàfo wà láàárín wọn. Nínú "Dear" ṣá, "Dear Chief Làgbájá," náà ni, má kó bráákẹ́ẹ̀tì wọbẹ̀.