Ṣé torí kí afẹ́fẹ́ méjèèjì lè pàdé ni bàálù fi ń gbéra?

"Tíṣà wa ní afẹ́fẹ́ orí ìyẹ́ bàálù ń sáré kó lè bá ti ìsàlẹ̀ pàdé lẹ́yìn. Ṣé òótọ́ ni?"

Rárá o. Kò sí ohun tó ní kí wọ́n jọ dé. Bí a bá fi èéfín wò ó, ti òkè ló ń ṣáájú. Ọkọ̀ bébà pàápàá ń fò, bẹ́ẹ̀ ìyẹ́ rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ.

Ìyẹ́ ń darí afẹ́fẹ́ wálẹ̀, afẹ́fẹ́ náà sì ń tì í sókè. Nínú mọ́tò tó ń lọ sí Alákìá, na àtẹ́lẹwọ́ sínú afẹ́fẹ́, gbé etí iwájú rẹ̀ sókè díẹ̀: ọwọ́ á gòkè. Bí orí ìyẹ́ ṣe tẹ̀ ni afẹ́fẹ́ òkè fi ń rọ̀ mọ́ ọn wálẹ̀. Ìfúnpá ibẹ̀ á dínkù, ìyẹn ló ń mú afẹ́fẹ́ òkè náà sáré. Bí igun tí ìyẹ́ fi gbé etí iwájú rẹ̀ sókè sí afẹ́fẹ́ bá kọjá nǹkan bíi dígírì 15, afẹ́fẹ́ á já kúrò lára ìyẹ́, agbára ìgbésókè á sì já wálẹ̀.