Kí ẹ tó gbé fọ́tò tí ẹ pààrọ̀ aṣọ rẹ̀ síta

"Mo fi áàpù pààrọ̀ aṣọ inú fọ́tò mi sí aṣọ òkè. Kí ni kí n yẹ̀ wò kí n tó gbé e síta?"

Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò àkọ́kọ́, kí ẹ sì fẹ̀ ẹ́ dáadáa. Bí ojú bá ti yàtọ̀ díẹ̀, ẹ pa á rẹ́, ẹ tún un ṣe. Ẹ ka ìka ọwọ́, pàápàá bí ọwọ́ bá di nǹkan mú, bíi báàgì. Ẹ wo ọrùn àti etí apá aṣọ: ṣé kọ́là ti tẹ́lẹ̀ ò yọjú?

Aṣọ fúnra rẹ̀ ló máa ń tú àṣírí jù. Níbi tí ìgbúnwọ́ bá ti ká, ìlà aṣọ òkè gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e. Bí ìlà bá ṣì lọ tààrà, á hàn pé ayédèrú ni. Ní ti ìmọ́lẹ̀, ẹ wo òjìji imú: ẹ̀gbẹ́ tó wà ni kí òjìji aṣọ náà wà.