Bí ẹ ṣe lè tún àlàyé yín kọ fún oníbàárà tí wọ́n yọ owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ọ̀rọ̀ yìí. Ṣọ́ọ̀bù oògùn ni mo ní ní Òṣogbo. Oníbàárà kan ra ọjà ₦18,450 lọ́jọ́ Jímọ̀. Ẹ̀rọ kọ́kọ́ kọ káàdì rẹ̀, a tún un ṣe, ó wọlé, àṣé báǹkì ti yọ owó náà lẹ́ẹ̀mejì. Mo kọ ọ́ sí i pé: ‘A tọrọ àforíjì fún ìnira yìí. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló fà á. Ẹ kàn sí báǹkì yín, owó yín á padà láìpẹ́.’ Ńṣe ni inú tún bí i sí i, ó ní olè ni wá. Báwo ni kí n ṣe tún un kọ?”

Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi jókòó sídìí tábìlì tí wọ́n ti ń gbọ́ ẹjọ́ oníbàárà ní ilé ìtajà ńlá kan n’Íbàdàn, irú ẹjọ́ yìí ló sì pọ̀ jù nínú èyí tí wọ́n ń gbé wá bá mi. Àforíjì tí ẹ tọrọ kò burú. Ohun tó bí oníbàárà yín nínú ni pé kò sí ibi tí ẹ ti sọ fún un ọwọ́ ẹni tí owó rẹ̀ wà. Ẹni tí wọ́n yọ ₦18,450 rẹ̀ láìnídìí, ìyẹn ló kọ́kọ́ fẹ́ mọ̀. Bí ẹ ò bá sọ ọ́, ọwọ́ yín ni yóò gbà pé ó wà, torí inú ṣọ́ọ̀bù yín ló dúró sí nígbà tí àláàtì méjèèjì wọlé.

Nítorí náà, kí ẹ tó kọ ọ̀rọ̀ kankan, ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí owó náà wà. Ẹ mú ìwé tí ẹ̀rọ pí-ó-ẹ́sì tẹ̀ jáde nígbà méjèèjì, èyí tó jẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù. Ẹ wo ìlà ìdáhùn lórí rẹ̀. Bí àkọ́kọ́ bá jẹ́ DECLINED, tí nọ́ńbà 91 sì wà níbẹ̀, ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ẹ̀rọ yín kò rí ìdáhùn gbà láti ọ̀dọ̀ báǹkì oníbàárà. Ó ṣeé ṣe kí ìbéèrè yín ti dé ọ̀hún, kí wọ́n ti yọ owó, kó wá jẹ́ pé ìdáhùn ni kò rí ọ̀nà padà wá. Ó yẹ kí àṣẹ “ẹ dá a padà” tẹ̀ lé e fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà tó dí mọ́ ìdáhùn lè dí mọ́ àṣẹ yẹn pẹ̀lú. Bí owó ṣe ń há sáàárín nìyẹn: kò sí lọ́dọ̀ oníbàárà, kò sì dé ọ̀dọ̀ yín.

Ẹ má ṣe fi ìwé yẹn nìkan dájọ́ o. Ẹ dúró di ọjọ́ iṣẹ́ tó tẹ̀ lé e, nígbà tí báǹkì yín bá ti san owó tí ẹ̀rọ gbà sínú àkáǹtì ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ wá fi àkọsílẹ̀ báǹkì wé ìwé ẹ̀rọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nọ́ńbà tí ẹ máa fi mọ̀ wọ́n yàtọ̀ ni RRN, ó máa ń wà lára ìwé, nọ́ńbà 12 ni. Owó méjì tó jọra lè wọlé lọ́jọ́ kan náà láti ọwọ́ oníbàárà méjì tó yàtọ̀, nítorí náà iye owó nìkan kò tó ẹ̀rí. Bí RRN kan ṣoṣo bá wọlé, owó kejì wà lọ́wọ́ báǹkì oníbàárà tàbí lọ́nà. Bí méjèèjì bá wọlé, ọ̀dọ̀ yín ló wà, ẹ̀yin lẹ jẹ oníbàárà náà lówó. Àwọn ọ̀rọ̀ méjì yìí kò gba àlàyé kan náà. Àtẹ̀jíṣẹ́ tí ẹ kọ́kọ́ fi ránṣẹ́, ẹ kọ ọ́ kí ẹ tó mọ èyí tó jẹ́, ìdí nìyẹn tí kò fi ní ẹsẹ̀ nílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká gbà pé RRN kan ṣoṣo ló wọlé, torí ẹ ní ẹ̀rọ kọ́kọ́ kọ káàdì náà. Báyìí ni mo ṣe máa kọ ọ́ bó bá jẹ́ èmi. Ẹ fi aago àti nọ́ńbà tó wà lára ìwé tiyín rọ́pò tèmi:

“Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà. Mo ti yẹ ìwé ẹ̀rọ wa àti àkáǹtì ṣọ́ọ̀bù wò. Lọ́jọ́ Jímọ̀, ní aago 5:42 ìrọ̀lẹ́, báǹkì yín yọ ₦18,450, ṣùgbọ́n ìdáhùn wọn kò dé ọ̀dọ̀ wa, DECLINED ni ẹ̀rọ wa tẹ̀ jáde. Owó yẹn kò wọ àkáǹtì wa. Ti aago 5:46 ló wọlé, òun sì ni owó oògùn tí ẹ rà. Èyí àkọ́kọ́ ni báǹkì yín ní láti dá padà fún yín.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe báǹkì yín tàbí kí ẹ yà síbẹ̀ lónìí. Ẹ sọ fún wọn pé wọ́n yọ owó pí-ó-ẹ́sì tí kò dé ọ̀dọ̀ ẹni tó tajà. Ẹ fún wọn ní ọjọ́, aago, iye owó, àti RRN 614217004512. Fọ́tò ìwé méjèèjì nìyí, ẹ fi hàn wọ́n. Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ gba nọ́ńbà ẹ̀sùn yín, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí mi.

“Èmi náà ti kọ̀wé sí báǹkì wa lónìí pé a kò gba owó àkọ́kọ́, kí wọ́n lè dá báǹkì yín lóhùn kíákíá bí wọ́n bá béèrè. Láti ìgbà tí ẹ bá ti fẹjọ́ sùn, wákàtí 72 ni Báńkì Àpapọ̀ fún wọn láti yanjú rẹ̀. Bí ẹ ò bá tíì rí owó nígbà náà, èmi gan-an ni kí ẹ pè, màá fún yín ní lẹ́tà tó ní òǹtẹ̀ ṣọ́ọ̀bù. Kò sí ẹni kankan láti ọ̀dọ̀ wa tó máa béèrè PIN yín, tàbí nọ́ńbà ẹ̀yìn káàdì, tàbí nọ́ńbà tí báǹkì bá fi ránṣẹ́ sí fóònù yín. Ẹ má bínú fún wàhálà yìí.”

Ẹ wò ó pé àforíjì ló kẹ́yìn. Nínú tiyín, òun ló ṣáájú, ẹni tí inú ń bí kì í kà á kọjá ibẹ̀. “Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló fà á” kò sí níbẹ̀ mọ́, torí ohun tí gbogbo èèyàn ti gbọ́ tó sú wọn ni. Ohun tí ẹ fojú rí lẹ fi rọ́pò rẹ̀: aago báyìí, ìwé báyìí. “Láìpẹ́” náà ti lọ. Wákàtí 72 kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí mo dá sọ, àṣẹ tí Báńkì Àpapọ̀ pa ní oṣù kẹfà ọdún 2020 ni, fún ẹjọ́ owó pí-ó-ẹ́sì àti ti orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ọjọ́ 5 ló jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ fún oníbàárà pé “owó yín á wọlé ní wákàtí 72” bí ẹni tó ń ṣèlérí. Báǹkì ni wọ́n fún ní gbèdéke, ẹ̀yin kọ́ lẹ ni ín láti ṣèlérí rẹ̀.

Nọ́ńbà ẹ̀sùn yẹn ṣe pàtàkì gan-an. Bàbá kan wá bá mi tó ti ń lọ tó ń bọ̀ láàárín àwa àti báǹkì rẹ̀. Àwa ní kó lọ sí báǹkì, báǹkì ní kó padà sọ́dọ̀ ẹni tó tajà fún un. Kò sí ìkankan nínú wọn tó kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Mo tẹ ìwé tó ní RRN lé e lọ́wọ́, mo fàlà sábẹ́ nọ́ńbà náà, mo ní kó má kúrò níwájú wọn láìgba nọ́ńbà ẹ̀sùn. Ó gbà á, owó rẹ̀ sì padà. Láìsí nọ́ńbà yẹn, kò sí aago tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà fún báǹkì. Bí ọ̀sẹ̀ 2 bá sì kọjá tí báǹkì kò yanjú rẹ̀, nọ́ńbà ẹ̀sùn kan náà ni oníbàárà yín máa fi kọ̀wé sí ẹ̀ka tó ń dáàbò bo oníbàárà ní Báńkì Àpapọ̀, cpd@cbn.gov.ng. Ẹ má fi èyí sínú àtẹ̀jíṣẹ́ àkọ́kọ́ o, á dà bíi pé ẹ ti mọ̀ pé kò ní yanjú.

Ní báyìí, ohun kan tí mo ń bẹ̀ yín pé kí ẹ má ṣe: ẹ má tìtorí àtipa oníbàárà lẹ́nu mọ́ mú ₦18,450 nínú dúrọ́ọ̀ fún un. Mo mọ̀ pé àánú lè ṣe yín. Bí owó kò bá wọ àkáǹtì yín, tí ẹ san án, tí báǹkì tún dá a padà fún un lọ́jọ́ kẹta, ẹ ti pàdánù nìyẹn, ẹ ò sì ní ìwé tí ẹ máa fi béèrè rẹ̀.

Bó bá wá jẹ́ pé RRN méjèèjì ló wọlé ńkọ́? Ibẹ̀ ni kí ẹ ti kọ ọ́ gbangba pé: “Owó yín méjèèjì wọ àkáǹtì wa, ọ̀kan nínú rẹ̀ kì í ṣe tiwa.” Ẹ má rán an lọ sí báǹkì kankan. Ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ó ti fẹjọ́ sùn tẹ́lẹ̀. Bí kò bá tíì sùn, ẹ fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì tó ń jẹ́ orúkọ tó wà lórí káàdì náà, kì í ṣe ti àbúrò tàbí ti ọkọ, kí ẹ kọ RRN sí àyè àlàyé, kí ó sì fi àtẹ̀jíṣẹ́ jẹ́wọ́ pé òun ti gbà á. Bó bá ti fẹjọ́ sùn, ẹ jẹ́ kí báǹkì parí rẹ̀: báǹkì yín á bi yín léèrè, ẹ dáhùn pé ẹ gbà pé owó rẹ̀ ni, wọ́n á yọ ọ́ kúrò nínú àkáǹtì yín. Ẹ má dákẹ́ sí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, yálà ẹ jàre tàbí ẹ jẹ̀bi. Bí ọjọ́ tí wọ́n dá bá kọjá láìsí èsì, ohun tí wọ́n máa gbà ni pé ẹ ti gbà, wọ́n á yọ owó, kódà bí ọjà yín bá ti jáde tí kò sì sí owó kejì kankan.

Ìwé tí ẹ̀rọ ń tẹ̀ jáde yẹn, ooru ló fi ń kọ̀wé, kì í pẹ́ kó tó ṣí, pàápàá bó bá wà nítòsí fèrèsé tàbí nínú ọkọ̀. Ẹ ya fọ́tò méjèèjì lónìí, kí ẹ sì rí i pé RRN hàn ketekete. Bí ìwé àkọ́kọ́ bá ti sọnù, báǹkì tó fún yín ní ẹ̀rọ lè bá yín wá RRN rẹ̀ bí ẹ bá fún wọn ní Terminal ID, ọjọ́ àti aago. Lọ́jọ́ tí oníbàárà bá sọ fún yín pé owó ti padà, ẹ ní kó fi àláàtì náà ránṣẹ́, kí ẹ kọ ọjọ́ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ RRN nínú ìwé àkọsílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ tó pa ẹjọ́ náà dé.