Bí ẹ ṣe lè to rìsíìtì ìrìn-àjò fún ọ̀gá yín

"Wọ́n fún mi ní ₦80,000 kí n tó lọ sí Ìlọrin fún iṣẹ́, àmọ́ ₦98,000 ni mo ná. Mo kó rìsíìtì fún ọ̀gá mi, wọ́n ní kò yé àwọn. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?"

Ẹ kú àárẹ̀ ìrìn-àjò o. Ẹ kọ ojú ìwé kan ṣoṣo, kí rìsíìtì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ fún ìkọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, kí nọ́ńbà yẹn náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó rẹ̀ lójú ìwé, bí àpẹẹrẹ: 1, ọkọ̀ àlọ, ₦15,000, 2, hòtẹ́ẹ̀lì ọjọ́ méjì, ₦50,000, 3, oúnjẹ, ₦12,000, 4, ọkọ̀ àbọ̀, ₦15,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦92,000.

Ó ku ₦6,000, tó ṣeé ṣe kó jẹ́ ti kẹ̀kẹ́ àti ọ̀kadà tí kì í fúnni ní rìsíìtì. Ẹ má ṣe dà á pọ̀ mọ́ owó oúnjẹ rárá, torí ibẹ̀ ni àwọn akáńtì ti máa ń fura. Ẹ yà á sọ́tọ̀, kí ẹ kọ ọjọ́, ibi tí ẹ ti wọkọ̀, ibi tí ẹ sọ̀ sí àti iye tí ẹ san, kí ọ̀gá buwọ́ lù ú. Iléeṣẹ́ mìíràn kì í san irú owó yìí kọjá iye kan, ẹ béèrè tiyín.

Nísàlẹ̀, ẹ kọ ọ́ gbangba: ₦98,000 yọ ₦80,000, ó ku ₦18,000 tí wọ́n máa san fún mi. Òun ni ọ̀gá ń wá.

Ẹ tún ya fọ́tò rìsíìtì tó jáde láti inú ẹ̀rọ káàdì lónìí. Ti hòtẹ́ẹ̀lì tèmi ṣá pátápátá láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, sítétímẹ́ǹtì báńkì ni mo fi rọ́pò rẹ̀.