Wo àdírẹ́sì tó wà nínú àkáǹtì, má kàn wo Spam nìkan

"Ẹ jọ̀wọ́ o, mo ti tẹ 'Mot de passe oublié' lẹ́ẹ̀mẹ́fà lórí sáìtì tí mo ti ń ta aṣọ. Ímeèlì ò dé. Mo ti wo Spam, kò sí níbẹ̀. Kétu ni mo wà."

Àbúrò, dáwọ́ títẹ̀ ẹ́ dúró ná. Lọ́pọ̀ sáìtì, líǹkì tó o béèrè gbẹ̀yìn nìkan ló ń ṣiṣẹ́, àwọn tó ṣáájú ti kú.

Tún ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ kà. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ohun tí wọ́n sọ ni pé bí àdírẹ́sì yìí bá ní àkáǹtì, á rí ímeèlì gbà. Gbogbo èèyàn ni wọ́n ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún, kí olè má bàa fi mọ ẹni tó ní àkáǹtì lọ́dọ̀ wọn. Bí wọn ò bá mọ àdírẹ́sì tó o tẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà lo máa rí, wọn ò sì ní fi nǹkan kan ránṣẹ́.

Ohun tó fi ọ̀sẹ̀ méjì jẹ mí níyà nìyẹn. Ọmọkùnrin kan ní ṣọ́ọ̀bù kan nítòsí ọjà Wàǹdó ní Àjàṣẹ́ ló bá mi ṣí àkáǹtì. @yahoo.fr ni tèmi, bíi ti ọ̀pọ̀ wa níbí, @yahoo.com ló tẹ̀. Àpótí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni méjèèjì. Fóònù mi ò sì jẹ́ kí n jáde nínú àkáǹtì náà rí, àfìgbà tó já sómi. Mo wá ń tẹ .fr, wọn ò mọ̀ ju .com lọ. Mo ṣa Spam bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà.

Ohun tó là mí lójú ni pé mo wá ímeèlì èyíkéyìí láti ọ̀dọ̀ wọn, mi ò rí ọ̀kan, títí kan ti ìkíni káàbọ̀. Ìwọ náà wá a. Bó bá jẹ́ Gmail, tẹ èyí, kó o fi orúkọ sáìtì náà tẹ̀ lé e:

```
in:anywhere
```

Á wo Spam àti Corbeille mọ́ ọn, èyí tí wíwá lásán kì í ṣe. Àmọ́ ohun tó bá ti lé ní ọgbọ̀n ọjọ́ nínú méjèèjì, Gmail á ti pa á rẹ́.

Bó o bá rí èyí tó ti pẹ́, ṣí i, kó o wo iwájú "À". Àdírẹ́sì tó wà níbẹ̀ ni kó o tẹ̀. Bó bá jẹ́ inú Corbeille ni gbogbo wọn kó sí, láìjẹ́ pé ìwọ lo jù wọ́n síbẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìpolówó wọn ti sú ọ lọ́jọ́ kan, o sì ti ṣe fítà tó ń pa wọ́n rẹ́. Ápù orí fóònù ò ní fi hàn ọ́. Ṣí Gmail lórí kọ̀ǹpútà, lọ sí Paramètres, kó o wo "Filtres et adresses bloquées", kó o yọ èyí tó ní orúkọ wọn, kó o tó béèrè lẹ́ẹ̀kan péré.

Bó ò bá rí nǹkan kan rárá, má ṣe máa dán àdírẹ́sì tí kì í ṣe tìẹ wò: bó bá jẹ́ ẹlòmíì ló ni í, ọwọ́ rẹ̀ ni líǹkì náà máa bọ́ sí. Àwọn tó ni sáìtì ni mo kọ̀wé sí. Mo fi orúkọ àkáǹtì mi àti nọ́ńbà rìsíìtì owó tí mo san gbẹ̀yìn sí i. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n yí i sí .fr.