Bí mo ṣe máa pín ₦200,000 ìpolówó àdìrẹ

"Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ máa ta àdìrẹ lórí Íńsítágíráàmù àti Fesibúùkù. ₦200,000 ni mo ní fún oṣù mẹ́ta. Èló ni kí n ná sórí àwòrán, èló sórí ìpolówó, èló sórí ohun èlò?"

Àǹtí, ẹ má tíì fún ẹnikẹ́ni lówó o. Èmi gbé ₦120,000 fún ọkùnrin kan tó pe ara rẹ̀ ní amòye. Gbogbo ohun tó ṣe kò ju pé ó ń tẹ Boost post, bọ́tìnnì tó ń sọ àwòrán di ìpolówó, lábẹ́ àwòrán tí mo fi fóònù yà lálẹ́, tí aró dúdú bí èédú nínú rẹ̀. Láìkì lé ní 3,000. Èèyàn méjì péré ló rajà. Mo bi í léèrè, ó ní orúkọ mi ti ń tàn, kí n mú owó mìíràn wá! Inú ṣì ń bí mi. Àwọn tó máa ń tẹ láìkì ló ní kí wọ́n wá fún mi, àwọn náà ni wọ́n sì wá. Ẹni tó ń tẹ láìkì kọ́ ló ń rajà.

Nígbà tó yá, mo ṣí Ads Manager fúnra mi, ibi tí wọ́n ti ń ṣètò ìpolówó Fesibúùkù àti Íńsítágíráàmù, mo ní kí ìpolówó máa darí èèyàn sí Wasáàpù mi, láti Èkó, Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta nìkan. ₦2,000 lójúmọ́ fún ọjọ́ méje jẹ́ ₦14,000. Owó orí 7.5% gùn ún, ó di ₦15,050. Èèyàn 28 kọ̀wé sí mi, mẹ́rin rà. Ìyẹn ni pé oníbàárà kan ná mi tó ₦3,760, bẹ́ẹ̀ èrè mi lórí yáàdì márùn-ún kò ju ₦4,000 lọ. Mo wá san ₦25,000 fún ayàwòrán, a ya aṣọ lójú ọ̀sán, a sì ya fídíò ibi tí wọ́n ti ń rẹ ẹ́ láró. Iye ìpolówó kan náà mú oníbàárà mẹ́sàn-án wá.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ fi ₦90,000 sí àwòrán, fídíò àti dátà, kí ẹ sì parí ìyẹn kí ìpolówó tó bẹ̀rẹ̀. ₦90,000 míì fún ìpolówó. Pẹ̀lú owó orí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ní ₦2,000 lójúmọ́, nítorí náà ẹ máa sinmi láàárín. Ẹ má máa yí i padà lójoojúmọ́, torí ó máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í wá oníbàárà láti ìbẹ̀rẹ̀ ni. ₦20,000 tó kù, ẹ fi ra iná àti ohun tí ń gbé fóònù dúró. Canva ọ̀fẹ́ tó yín láti fi ṣe àwòrán ìpolówó, Meta Business Suite tí ẹ ó fi máa bójú tó ojú ìwé yín náà kò gba owó.

Ẹ má sì fún ẹnikẹ́ni ní ọ̀rọ̀ aṣínà yín! Oṣù méjì ni ọkùnrin yẹn fi di àkáǹtì mi mú.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ pín owó ìpolówó sí iye ẹni tó rà. Bó bá ti kọjá ìdajì èrè yín lórí oníbàárà kan, ẹ dá a dúró, kí ẹ pààrọ̀ àwòrán.